Owó ìdánwò sátífíkéètì

"Mo ti parí yunifásítì, mi ò tíì níṣẹ́, níbo ni mo ti lè rí ẹni tó máa bá mi san owó ìdánwò sátífíkéètì?"

Àbúrò, tó o bá rí sikọ́láṣípù kan, kọ́kọ́ wo ohun tó máa san gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn owó kíláàsì nìkan ni wọ́n ń san, owó ìdánwò ṣì máa wà lọ́rùn ẹ. Wo ti ISC2, ẹgbẹ́ kan tó ń fúnni ní sátífíkéètì ààbò kọ̀ǹpútà, 2022 ni wọ́n gbé ètò kan jáde tí wọ́n fi fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù kan èèyàn ní iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìdánwò ọ̀fẹ́. Ó dáa gan-an o, àmọ́ tó o bá yege tán, wàá san dọ́là 50 kí sátífíkéètì tó di tìẹ, ọdọọdún sì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan yege, ó wá rí owó yẹn lójú kọ̀ǹpútà, kò ní in lọ́wọ́, oṣù méjì ló fi wà bẹ́ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Torí náà, ètò yòówù tó o bá rí, fi ímeèlì bi wọ́n kó o tó kọ fọ́ọ̀mù: ṣé owó ìdánwò wà nínú ẹ̀, bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́, ta ló máa san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ló tún kù lẹ́yìn tí mo bá yege? Èyí tó bá ní kó o kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó wo fọ́ọ̀mù ẹ, sá fún un.