Bẹ́líìtì wà lára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ sún mọ́: ọ̀rọ̀ àárọ̀ fún àwọn tó ń gun sikáfọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Fóómáànù ni mí ní sáìtì kan ní Ìkéré-Èkìtì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá wa ra bẹ́líìtì mẹ́ta tó ní okùn àti ìkọ́ fún àwọn tó ń gun òkè, ó ní kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ ṣókí láàárọ̀. Kí ni kí n sọ? Mi ò fẹ́ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, fóómáànù. Bẹ́líìtì yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ń fún èèyàn ló ń kó báni jù.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí sáìtì kan ní Adó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan já bọ́ láti orí pákó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11. Ó wọ bẹ́líìtì, ó sì ti fi ìkọ́ okùn rẹ̀ há irin tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ayédèrú bẹ́líìtì ni. Mo gbé okùn náà wò, kò já. Àpò kékeré tó wà lára rẹ̀, tó yẹ kó tú nígbà tí èèyàn bá já sí i, kò tilẹ̀ ya. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọmọ náà ti kan ilẹ̀ kí okùn tó le.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Okùn náà gùn ní mítà 2, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀. Bí ibi tó há a sí bá ga ní 11, ìgbà tí okùn bá máa le, òrùka ẹ̀yìn bẹ́líìtì á ti wà ní 4 àti ààbọ̀ sí ilẹ̀. Láti òrùka yẹn dé àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà sì tó 5. Ilẹ̀ ti gbà á ná.

Bí okùn bá sì le, kò tíì parí. Téèpù tí wọ́n ká tí wọ́n sì rán pọ̀ ló wà nínú àpò yẹn. Bí ìwúwo èèyàn bá já sí i, òwú rẹ̀ á máa tú, kí fífà náà má baà ṣe eegun léṣe. Nígbà tó bá fi tú tán, ó lè fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 kún okùn. Ẹ ro ó pọ̀: okùn 6 àti ààbọ̀, àpò 6, ara èèyàn 5, kẹ́ ẹ wá fi 3 sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà gbá ilẹ̀. Ó jẹ́ 20 àti ààbọ̀, láti ibi ìkọ́ dé ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ bọ́ lé.

Mo ní "ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ bọ́ lé" torí Èkìtì la wà. Ilẹ̀ wa kì í tẹ́jú. Iwájú ilé lè bá títì dọ́gba kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kí àpáta sì tún yọ orí síta níbẹ̀. Ká ní pákó àkọ́kọ́ yín níwájú ilé ga ní 10, tí ẹ sì há ìkọ́ sí 4 lókè pákó: 14 ni, kò tó. Pákó kejì ga ní 20, ìkọ́ wà ní 24, ó tó. Àmọ́ bí dẹ́kì kékeré tó bo ẹnu ọ̀nà bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ní 9, 15 péré ló kù, kò tún tó mọ́. Lẹ́yìn ilé, pákó àkọ́kọ́ á ga ní 16, ìkọ́ á wà ní 20, ó ku díẹ̀ kó tó. Bí àpáta tó ga ní 5 bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ 5 kúrò. Ilé kan náà, bẹ́líìtì kan náà, àmọ́ ibì kan máa gbà yín, ibòmíràn ò ní gbà yín.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi tó bá rẹlẹ̀, réèlì, ìyẹn irin tí wọ́n fi yí etí pákó ká, ló máa dá èèyàn dúró. Bẹ́líìtì wà fún àwọn tó ń to sikáfọ́ọ̀dù àti àwọn tó ń tú u, torí kò tíì sí réèlì níbi tí wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ rèé. Ẹ lè fi ohùn Ìkéré sọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni tó gùn, ẹ wo òkè yẹn. Ṣé réèlì yí etí pákó ká? Ti òkè gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 3 ó kéré tán, èkejì wà láàárín, pákó íǹṣì 6 sì wà ní ẹ̀bá ẹsẹ̀ kí kànkéré àti bíríkì má baà já lu ẹni tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀kan ò bá sí, a ò gùn.

"Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò bá tó òkè ògiri, kó pè mí, a máa gbé pákó sókè. Ẹ má to búlọ́ọ̀kù lórí pákó láti dúró lé. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní íǹṣì 9. Bẹ́ ẹ bá gun méjì, réèlì tó wà ní ìbàdí yín á di ti orúnkún, orúnkún ló sì máa gbé yín ṣubú sí òdìkejì.

"Ẹni tó bá yọ réèlì láti gba yanrìn wọlé, òun náà ló máa dá a padà kó tó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa to òkè lónìí, ẹ wọ bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ ká fi téèpù wọn ibi ìkọ́ sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 20 àti ààbọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ há ìkọ́ sókè orí, kì í ṣe lẹ́bàá ẹsẹ̀. Ẹ má há a sí réèlì, sí ọparun, tàbí sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú.

"Bí ẹnìkan bá sì fi bẹ́líìtì rọ̀, ta ló ń gbé àkàbà? Lágbájá. Ta ló ń gun un? Tàmẹ̀dù."

Ẹ fi orúkọ gidi sí ibi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lójoojúmọ́. Bí èèyàn bá rọ̀ sínú bẹ́líìtì láìlè mira, okùn itan á há ẹ̀jẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó máa ju ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá lágbára, kí ẹ̀yin sì yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni láti ìlú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé okùn náà dání kí wọ́n fọwọ́ kan àpò yẹn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ta téèpù sílẹ̀ láti òkè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ka iye rẹ̀ sókè. Okùn tí àpò rẹ̀ bá ti tú, bó ṣe díẹ̀ náà ni, ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ́la.