Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án nínú ọ̀sẹ̀ kan: báwo la ṣe ń pín in?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló fẹ́ kọ ní WAEC. Ó ti ya oríṣiríṣi táìmù tébù, kì í lè tẹ̀lé e ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ó sì máa ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Báwo la ṣe máa ya èyí tó máa ṣeé tẹ̀lé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ SS3 ni pé orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá àyè fún un, wọ́n á ní aago mẹ́rin sí mẹ́fà Máàsì, mẹ́fà sí mẹ́jọ Fíìsíìsì, bẹ́ẹ̀ sì rèé aago mẹ́rin yẹn, ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì lọmọ wà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka àkókò tó ní lóòótọ́ kó tó dárúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kankan. Kó mú bébà, kó kọ gbogbo ohun tó ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ilé ìwé, lẹ́sìnì, ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ alẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, oorun náà ńkọ́, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àyè tó bá ṣẹ́ kù ni kó gé sí píríọ́dù ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta márùndínláàádọ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọmọbìnrin kan tó jọ tiyín ṣe é. Mọ́ńdè sí Fúráìdè ó rí píríọ́dù kan ní ìdájí, aago márùn-ún sí márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó sì rí méjì lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù dé tí wọ́n ti jẹun, ìyẹn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sátidé ó rí mẹ́rin, Sọ́ńdè méjì. Gbogbo ẹ̀ wá di 21. Ó kéré lójú, mo mọ̀, àmọ́ 21 tó máa ṣe lóòótọ́ dáa ju 40 tó wà lórí bébà lọ. Nínú 21 yìí, ẹ yọ mẹ́ta sílẹ̀ lófo, ẹ má kọ nǹkankan sí i: ọ̀kan Wẹ́sìdeè lálẹ́, ọ̀kan Sátidé, ọ̀kan Sọ́ńdè. Orí fífọ́, iná tí kò sí, àlejò tó dé, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá fò máa lọ. Táìmù tébù tí kò ní àyè òfo, ọjọ́ tí nǹkan kan bá ti ṣẹlẹ̀ ló ti dàrú, ọmọ á sì sọ ọ́ nù.

Ó ku 18. Ẹ má pín in lọ́gbọọgba o. Kó mú páàsì kwẹ́ṣìn ọdún kan, kó ṣe é fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé, kí tíṣà ẹ̀ bá a máàkì ẹ̀, torí ohun tí ọmọ rò pé òun mọ̀ àti ohun tó mọ̀ lóòótọ́ máa ń yàtọ̀ gan-an. Ti ọmọbìnrin yìí, Máàsì, Kẹ́mísìrì àti Fíìsíìsì ló le jù fún un, wọ́n gba mẹ́ta mẹ́ta. Ínglíìṣì, Bàọ́lọ́jì àti Jọ́gíráfì gba méjì méjì. Síífíìkì, Àgíríìkì àti Yorùbá tó ti ń ṣe dáadáa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án, mẹ́fà, mẹ́ta, 18 pé.

Bó ṣe wá tò ó nìyí: ìdájí Mọ́ńdè Kẹ́mísìrì, alẹ́ Máàsì àti Bàọ́lọ́jì. Túsìdeè, ìdájí Fíìsíìsì, alẹ́ Ínglíìṣì àti Síífíìkì. Wẹ́sìdeè, ìdájí Kẹ́mísìrì, alẹ́ Jọ́gíráfì, ìkejì òfo. Tọ́sìdeè, ìdájí Máàsì, alẹ́ Fíìsíìsì àti Yorùbá. Fúráìdè, ìdájí Ínglíìṣì, alẹ́ Àgíríìkì àti Bàọ́lọ́jì. Sátidé, Máàsì, Jọ́gíráfì, Kẹ́mísìrì, òfo. Sọ́ńdè, Fíìsíìsì, òfo. Ẹ wò ó, Máàsì bọ́ sí Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè àti Sátidé, kò kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan, torí tó bá fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ kó tó padà síbẹ̀, ó máa ní láti rántí ẹ̀ fúnra ẹ̀, ìrántí yẹn ló ń jẹ́ kó dúró lórí. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì oníṣirò méjì ò sì tẹ̀ léra wọn ní ìjókòó kan náà.

Inú píríọ́dù gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi àkókò ṣòfò. Wọ́n á kọ «Kẹ́mísìrì» síbẹ̀, tí wọ́n bá jókòó wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n máa kà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ, tàbí kí wọ́n máa ṣe àdàkọ nóòtì pẹ̀lú bírò aláràbarà. Alẹ́ Sọ́ńdè ni kó ti kọ ọ́: «Kẹ́mísìrì, ìṣirò mólì, ìbéèrè méjì». Tó bá jókòó, kó kọ́kọ́ ti ìwé pa, kó kọ ohun tó rántí nípa ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá ṣí ìwé wo ohun tó fò, lẹ́yìn náà kó dojú kọ ìbéèrè. Ti Máàsì rọrùn láti wọ̀n, torí pépà kejì WAEC jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ fún ìbéèrè mẹ́wàá, márùn-ún tó pọn dandan àti márùn-ún tó máa mú nínú mẹ́jọ, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kan, torí náà ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó parí nínú píríọ́dù kan. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá ń gba gbogbo píríọ́dù, ẹ ti mọ tọ́píìkì tó yẹ kó gbé lọ bá tíṣà nìyẹn.

Lálẹ́ Sọ́ńdè yẹn náà kó fi àmì sí ohun tó ṣe àti ohun tó fò. Èyí tó bá fò lọ sí àyè òfo, tí òfo bá kún, ẹ gbà á lọ́wọ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó rọrùn, ẹ má kó gbèsè ọ̀sẹ̀ yìí lé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí. Tí píríọ́dù kan náà bá fò ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, aago yẹn ni kò dáa, ẹ má tíì bá ọmọ wí. Mọ́mì, tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló sábà ń fò torí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó máa tètè lọlé lọ́jọ́ méjì pàtó láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ọjà kì í yá.

JAMB ò nílò táìmù tébù tiẹ̀. Ínglíìṣì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Fíìsíìsì tí ọmọ sáyẹ́ǹsì sábà máa ń mú níbẹ̀ ti wà nínú èyí tẹ́lẹ̀, ọbujẹ́tíìfù ni kó kàn fi kún un.

Ọjọ́ tí WAEC bá bẹ̀rẹ̀, táìmù tébù yìí ti parí iṣẹ́. Ti WAEC fúnra ẹ̀ ni kó lẹ̀ mọ́ ògiri, kó sì fara balẹ̀ wo ọjọ́ prákítíkà, torí pépà ọ̀tọ̀ ni, ó sì lè ṣáájú tíọ́rì. Látìgbà yẹn pépà méjì tó kàn ló máa máa gbá mú. Ká ní Máàsì bọ́ sí Wẹ́sìdeè, Kẹ́mísìrì sí Fúráìdè: alẹ́ Túsìdeè Máàsì nìkan, Wẹ́sìdeè tó bá dé kó jẹun kó sùn díẹ̀, alẹ́ Kẹ́mísìrì, Tọ́sìdeè Kẹ́mísìrì. Àmọ́ èyí tó bá ṣì jìnnà, bóyá Jọ́gíráfì tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má pa á tì, píríọ́dù kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta tó fún un. Pépà tó bá sì ti kọ tán, kó fa ìlà lé e lórí, kó kó ìwé ẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kó gbé àkókò ẹ̀ fún èyí tó kù.