Ohun tó wà lẹ́nu Ibnu Isihaaka nípa ìbí Ànábì, àti ohun tí a fi sí i lẹ́nu

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Wọ́n ní kí n wá ṣe wáàsí lórí ìbí Ànábì lọ́jọ́ Màólúdì ilé kéú wa. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé Ànábì tí Ibnu Isihaaka kọ ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Èwo nínú àwọn tó wà lọ́jà ni kí n rà, ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ló sì ṣeé sọ?"

Àbúrò, kí o tó dé ìdí mínbárì yẹn, jẹ́ kí n sọ ohun tójú èmi rí.

Ìbí Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ni mo fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ fi jáde ní yunifásítì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ààfáà lálẹ́ Màólúdì pé lóru tí wọ́n bí Ànábì, ààfin Kisira ọba Páṣíà mì tìtì, bákónì mẹ́rìnlá já wálẹ̀ lára rẹ̀, iná tí wọ́n ti ń bọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún kú, adágún omi Saawa sì gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n débi pé bí o bá jí mi lóru, mà á kà á fún ọ láìṣì. Mo bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ibnu Isihaaka ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣí ìwé wò. Ta ló ń ṣí ìwé wò lórí ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀?

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi báírò pupa yí ibẹ̀ ká, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Níbo?" Ó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé á ní wọ́n wà ní mítíìnì. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo bá wọn, wọn ò gbójú kúrò lára fóònù: "Lọ wá a." Mo lọ wá a. Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà ni mo jókòó tì ní láíbìrì, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí iná bá ti lọ, mà á tan tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò rí Kisira, mi ò rí bákónì. Mo ní bóyá ojú mi ló fò ó, mo tún padà sí ojú ewé kìíní. Àwọn tí a jọ wọlé ti wọṣọ agùnbánirọ̀ nígbà yẹn, èmi ṣì wà níbi tí mo ti ń wá ààfin kiri nínú ìwé. Ẹni tó sọ pé kí n lọ wá a mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà wọ́n láti sọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa! Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Bàbá kan tó ń ta ìwé kéú ló là mí lójú. Mo béèrè ìwé mìíràn lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ní, "Tabari lò ń wá, ọmọ mi, kì í ṣe Ibnu Isihaaka." Inú ìwé ìtàn Tabari ló wà lóòótọ́, ẹni tó kú ní 923, ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ lọ lẹ́yìn ikú Ibnu Isihaaka. Bí o bá tẹ̀ lé àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Tabari, wàá kan Makusuumu ọmọ Haani, tó ní bàbá òun ló sọ ọ́ fún òun, wọ́n á sì sọ fún ọ níbẹ̀ pé 150 ọdún ni bàbá náà lò láyé. Dúró níbẹ̀ yẹn dáadáa. Kí ni ọjọ́ orí bàbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ààfin? Àlàfo ló wà láàárín òru ìbí àti àwọn tó ń ròyìn rẹ̀, ọjọ́ orí yẹn ni wọ́n sì fi dí i. Níbikíbi tí o bá ti rí arúgbó ọlọ́jọ́ gígùn nínú sanadi, ìyẹn okùn àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn, wo ẹsẹ̀ rẹ. Tabari kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá rí ìròyìn tí kò gún nínú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé e wá ló ti wá, òun kàn jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an ni. Àwa la wá sọ iṣẹ́ tó jẹ́ di ẹ̀rí tó jẹ́.

Ibnu Isihaaka ńkọ́? Mẹ̀dínà ni wọ́n bí i sí, Bagidaadi ló kú sí ní nǹkan bíi 767. Ànábì ti wàjà láti 632. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn sàhábà ló ń bá sọ̀rọ̀, ilé dé ilé. Ìwé rẹ̀ kò délẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Siyaadu Al-Bakaai, ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, Ibnu Hishaamu tó gbé ní Íjíbítì gbà á lọ́wọ́ Siyaadu, ó sì gé e. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun yọ ibi tí Ànábì kò sí, ewì tí àwọn tó mọ ewì kò mọ̀, àti ohun tí ìtìjú wà nínú sísọ rẹ̀. Nítorí náà ẹnu méjì ló wà nínú ìwé kan. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "Kaala Ibnu Isihaaka", òun ló ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "Kaala Ibnu Hishaamu", ẹni tó gé e ló dá sí i. Èyí ò le, wàá rí i fúnra rẹ.

Ohun tó le ni bí Ibnu Isihaaka fúnra rẹ̀ ṣe ń la ẹnu. Ẹ jẹ́ ká wo orí ìbí yẹn nìkan.

Ó dé orí Aminatu ìyá Ànábì, pé nígbà tí wọ́n lóyún, ohùn kan bá wọn sọ̀rọ̀ pé olórí ìjọ yìí ni wọ́n lóyún rẹ̀. Gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń sọ ọ́, nínú ohun táwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ, Ọlọ́hun ló sì mọ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló fi ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Kò pa ìròyìn náà mọ́, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Àwọn oníwáàsí wa á já kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á ní "Ibnu Isihaaka sọ pé".

Ọjọ́ ìbí ló kàn. Ó ní ọjọ́ Ajé ni, òru méjìlá nínú Rabiu Awali, ní ọdún erin, ìyẹn ọdún tí wọ́n fi erin gbógun wá sí Mẹ́kà. Kò sọ ẹni tó sọ ọ́ fún òun. Kò sí sanadi kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń sọ 2, tàbí 8, tàbí 10, tí àwọn Ṣíà sì ń sọ 17. Ọjọ́ Ajé ní ìdúró tirẹ̀ níbòmíràn, nítorí hádíìsì wà nínú ìwé tí Ìmáámù Musilimu kọ pé wọ́n béèrè ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ Ànábì, ó sì dáhùn pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí òun. Fi gbogbo ẹnu sọ ọjọ́ Ajé. Tó bá di 12, sọ pé Ibnu Isihaaka ló sọ ọ́, kí o máa lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bá ọ jà ní mọ́sáláṣí, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fa ara wọn láṣọ ya lórí 12.

Ọdún erin ní ẹlẹ́rìí ní tirẹ̀. Mutalibu sọ ọ́ láti ẹnu bàbá rẹ̀ Abudulaahi, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, Kaisi ọmọ Makirama: "Ọdún erin ni wọ́n bí èmi àti Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun." Bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Wo irú ohun tó ń sọ ná. Kò sọ pé ìmọ́lẹ̀ yọ, kò sọ pé ilẹ̀ mì, ó ní ẹgbẹ́ ni àwa méjèèjì. Ìyá àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ pàápàá mọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú ẹ̀rí tó ṣeé gbé ọwọ́ lé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ló ti jáde.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ó mú ìròyìn wá láti ọ̀dọ̀ Hasaani ọmọ Saabiti, akéwì Ànábì, pé ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni òun nígbà tí òun gbọ́ tí Júù kan gun orí ilé olódi ní Yasiribu, ìyẹn Mẹ̀dínà, tó ń kígbe pé ìràwọ̀ Amodu ti yọ lálẹ́ òní. Ibnu Isihaaka kò kàn gbé e jókòó. Ó wá ọmọ-ọmọ Hasaani lọ, Saidu ọmọ Abudu-Ramani, ó bi í pé: ọmọ ọdún mélòó ni Hasaani nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà? Ó ní ọgọ́ta ọdún. Ànábì jẹ́ ẹni ọdún 53 nígbà tó débẹ̀. Yọ 53 kúrò nínú 60, ó ku méje. Ọmọ ọdún méje, bí Hasaani ṣe wí gan-an. Ó ṣírò rẹ̀ sínú ìwé kí o lè rí i pé òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n má tíì pàtẹ́wọ́. Ìṣirò yẹn fi hàn pé Hasaani ti tó ẹni tó lè gbọ́ igbe, kò fi hàn pé ẹnì kan ké. Lẹ́yìn náà, láàárín sanadi rẹ̀, ẹni tó ń ròyìn sọ pé ẹni tí òun bá fẹ́ nínú àwọn ènìyàn òun ló sọ ọ́ fún òun. Èwo nínú wọn? Kò dárúkọ. Àti pé 60 yẹn fúnra rẹ̀, wọ́n ní Hasaani lo 60 ọdún ṣáájú Ìsìláàmù, 60 nínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà lo 120, bàbá bàbá rẹ̀ lo 120. Iye tó gún régé báyìí lórí ìran kan, etí mi máa ń ta sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré wá sọ pé Ìmáámù Maliki pe Ibnu Isihaaka ní Dajaali, ìyẹn elétàn, mo mọ̀. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, ìjà sì wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bá a wí fún ni pé ó ń gba ìtàn ogun Kaibara, ìlú àwọn Júù tí Ànábì ṣẹ́gun, lọ́wọ́ àwọn ọmọ Júù tó gba Ìsìláàmù. Ọ̀dọ̀ ta ni kí ó ti gbọ́ ìtàn Kaibara, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò débẹ̀ rí? Ìmáámù Ṣaafii ní tirẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rì sínú ìtàn ogun Ànábì, ọmọ Ibnu Isihaaka ló máa jẹ́. Ẹ máa sọ méjèèjì.

Áà, ìwé lo béèrè. Ra ìwé Ibnu Hishaamu yẹn, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, As-Sakaa, Al-Abiyaari àti Ṣalabi, tún ṣe ní Kairo ní 1936. Apá mẹ́rin ni, wọ́n sì máa ń dì í ní méjì-méjì. Má ra èyí tí wọ́n tún gé kúrú sí i, nítorí sanadi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé dànù, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀. Kí o tó sanwó, ṣí i níbi ìbí Ànábì níwájú ọlọ́jà. Bí o kò bá rí orúkọ Kaisi ọmọ Makirama níbẹ̀, dá a padà fún un.