Àárín ìka ẹsẹ̀ mi ń yún, ó ń bó, oògùn kì í sì í mú un lọ tán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ìlọrin níbí, bùútù rọ́bà ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí àárín ìka ẹsẹ̀ mi ti ń yún, tó ń bó, tó sì ń rùn. Mo ra ìpara kan ní kẹ́míìsì. Bí mo bá fi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, á dákẹ́. Kò ní í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí á tún fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní omi àlùwàlá ló ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe tí kò fi ní í padà wá mọ́?

Ìdáhùn: Apòògùn ni mí, ẹ̀gbọ́n, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n irú ẹsẹ̀ báyìí kò ṣàjèjì lórí káńtà wa, pàápàá bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fọwọ́ la àárín ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ìka méjèèjì yẹn fún mọ́ra, atẹ́gùn kì í ráàyè wọbẹ̀. Bí ẹ bá rí awọ tó funfun, tó rọ̀, tó ń ṣí kúrò bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi fún àkàrà, tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n tàbí tó là bíi kí abẹ ya á, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ẹ wá yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gbẹ tó ń bó díẹ̀díẹ̀, tó dà bíi pé ìyẹ̀fun ta sí i, ó ti kúrò ní ti àárín ìka nìkan, bí kò bá tilẹ̀ yún yín níbẹ̀ rárá.

Omi nìkan kọ́ ló ń jẹ yín lẹ́sẹ̀. Ohun alààyè kan tí wọ́n ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wọ inú awọ náà, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni, òun àti èyí tó ń fa làpálàpá lórí àwọn ọmọdé sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Òkú awọ tó wà lókè pátápátá ló ń jẹ, nítorí ohun tí èékánná àti irun fi ṣe ni òkú awọ yẹn náà fi ṣe, oúnjẹ rẹ̀ sì nìyẹn. Awọ tó gbẹ, tó le, máa ń ṣòro fún un láti wọ̀. Omi ló ń bá a rẹ awọ náà títí tó fi rọ̀. Àwọn tó sọ fún yín pé omi ni kò kúkú purọ́ tán.

Àlùwàlá kọ́ ló jẹ̀bi, ohun tó ń tẹ̀ lé e ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ lẹ ń fọwọ́ la àárín ìka ẹsẹ̀ kí omi lè dé ibẹ̀, ìyẹn sì dára. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tútù yẹn á wọ inú bùútù padà, tí á sì wà níbẹ̀ títí ìrun tó kàn. Bí ẹ bá nu ẹsẹ̀ gbẹ, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ẹ fi aṣọ ìnura kékeré kan sápò, ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa fi nù, kí ẹ fi etí rẹ̀ la àárín ìka kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní í sí ọ̀rinrin níbẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá sì ń lọ sí ilé ìtọ̀ mọ́sálásí, ẹ wọ sálúbàtà tiyín lọ. Bàtà rọ́bà tí gbogbo èèyàn ń tì bọ ẹsẹ̀ níbẹ̀ kì í gbẹ láàárín ẹni kan sí èkejì, irú ibẹ̀ sì ni a ti máa ń kó o.

Ó ku ìpara yẹn. Ìtàn yín jọ ti wẹ́dà kan tó wá bá mi, nítorí náà tirẹ̀ ni màá fi ṣàlàyé.

Bùútù tó ní irin níwájú lòun náà ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó gbé tíúbù tó ti ń lò fún oṣù mẹ́rin sílẹ̀ níwájú mi. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: èyí tó ń pa ohun tó ń jẹ awọ, èyí tó ń pa bakitéríà, àti ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pè ní bẹtamẹtasóònù. Ẹ̀kẹta yìí ló ń mú kí yíyún dákẹ́ kíákíá. Kì í pa nǹkan kan. Ńṣe ló ń pa ẹnu ara mọ́ kí ara má lè bá ohun tó wọ̀ ọ́ jà. Ajá dákẹ́ gbígbó, olè ṣì wà nínú yàrá. Nígbà tó bọ́ bàtà, àrùn náà ti gun orí ẹsẹ̀, ó ṣe róbótó tí etí rẹ̀ pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí bẹtamẹtasóònù tàbí kilobẹtasóòlù tó jẹ́ irú rẹ̀ lára páálí tiyín, ẹ má fi pa ibẹ̀ mọ́.

Kilotirimasóòlù nìkan ni mo fún un, èyí tí wọ́n kọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sí lára. Ó ń fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn tó bá ti wẹ ẹsẹ̀ tó sì ti nù ún gbẹ. Mo ti sọ fún un ṣáájú pé yíyún lè pọ̀ sí i díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá fi tàtijọ́ sílẹ̀, kó má bàa rò pé oògùn náà kò bá òun lára mu. Ìdí tí mo fi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni pé awọ tuntun máa ń gba nǹkan bí oṣù kan kó tó ti ìsàlẹ̀ yọ dé òkè, kó sì ti èyí tí wọ́n ti jẹ dànù. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé kò yún mọ́, awọ tó kù lókè ṣì kún fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni ìṣirò. Ẹ tẹ ìpara sórí ìka ìfábẹ̀là, láti orí ìka dé oríkèé àkọ́kọ́: ìdajì gíráàmù nìyẹn, ó sì tó fún àárín gbogbo ìka ẹsẹ̀ méjèèjì àti awọ tó yí wọn ká díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 28 jẹ́ ìgbà 56, gíráàmù 28 ni gbogbo rẹ̀. Tíúbù tí à ń tà jù lọ jẹ́ gíráàmù 15 tàbí 20. Tí ẹ bá ra ẹyọ kan, yóò tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ óò sì gbà pé oògùn ti parí. Méjì ni kí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ pa, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ló ń yún.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a lè ra tẹbinafíìnì dípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló sábà máa ń gbà fún àárín ìka, nítorí pé pípa ló ń pa á, kilotirimasóòlù sì máa ń dá a dúró kí awọ lè tì í jáde ni. Ohun tó bá wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Wẹ́dà náà gbádùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún dé. Mo bi í bóyá ó yí nǹkan kan padà, kò sí. A jọ ń tú u wò títí ó fi rántí pé bùútù tuntun òun já, òun sì lọ fa ti àtijọ́ yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù. Èépá awọ tó já sínú bàtà kì í kú bọ̀rọ̀, ó lè dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa retí ẹsẹ̀ tútù.

Nítorí náà, ẹ bá ilé iṣẹ́ yín sọ ọ́, tàbí kí ẹ fowó ara yín ra bùútù kejì. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́sẹ̀ lónìí, kí èkejì wà nínú oòrùn. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ inú bùútù rọ́bà, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé orí igi méjì tí ẹ rì mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ló gbà kó gbẹ dáadáa, nígbà òjò ó lè di méjì. Páùdà tó ní míkónasóòlù nínú ni kí ẹ bù sínú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Páùdà ìpara ọmọdé lè fa omi díẹ̀, kò lè pa nǹkan kan. Ìbọ̀sẹ̀ òwú ló dára, méjì lóòjọ́, kí ẹ bọ́ èyí tó ti tutù lọ́sàn-án. Tí ẹ bá délé, omi gbígbóná tí ọwọ́ kò gbà ni kí ẹ rẹ wọ́n sí, kí ẹ sì sá wọn sóòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí lè mú yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ pátá, torí bí pátá bá ń gba ara ẹsẹ̀ kọjá lọ sókè, ó lè gbé e dé abẹ́ itan.

Ẹ má da kẹrosíìnì, omi bátìrì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ wa tí omi bátìrì ti jó àárín ìka rẹ̀ débi tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, yíyún tó ń tìtorí rẹ̀ ṣe é kò sì lọ.

Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fúnra yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí ojú líla kékeré yẹn lè di egbò ńlá lára yín. Bí orí ẹsẹ̀ bá wú, tó pọ́n, tó gbóná tó sì ń gùn sókè, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kò ní í dúró de ọ̀la, bakitéríà ti gba ojú ibẹ̀ wọlé. Bí èékánná bá ti nípọn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń rún, ìpara kò lè wọ inú rẹ̀. Oògùn lílò lẹ́nu tí dókítà máa kọ ni, ó sì máa ń gba oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá sì lo gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfo ọjọ́ kan tí kò yí padà, ó lè máà jẹ́ ohun tí mo rò. Bakitéríà kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìka. Dókítà awọ ara á ha díẹ̀ nínú awọ náà, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n lè darí yín sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin fún un.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá ra tíúbù méjèèjì, ẹ mú ti àtijọ́ dání pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ẹ sì wọ sálúbàtà tó ṣí lójú wá.