Ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sára ògiri kíláàsì mi

"Bí mo bá dúró ti àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n ń yanjú ìṣirò. Bí mo bá ti kúrò, wọ́n á sáré ṣe é, wọn ò sì ní fura pé àwọn ti ṣìnà. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n tún iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ṣàṣìṣe náà ni wọ́n tún fi ń wò ó, wọ́n á sì ní ó tọ̀nà.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni ìbéèrè mẹ́ta tí Alan Schoenfeld, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Amẹ́ríkà, máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: Kí lò ń ṣe gan-an? Kí ló dé tó o fi ń ṣe é? Báwo ló ṣe máa ràn ọ́ lọ́wọ́?

Mo fún wọn ní ìṣirò kan: wọ́n yọ 20% kúrò lórí owó bàtà, ó wá di ₦12,000. Èló ni tẹ́lẹ̀? Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ìdáhùn yóò ju ₦12,000 lọ. Gbogbo wọn ní yóò jù ú. Ọmọbìnrin kan wá 20% ti 12,000, ó rí 2,400, ó fi kún un, ó kọ ₦14,400, ó sì kọ "ó dá mi lójú" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé 14,400 ju 12,000 lọ lóòótọ́, àbá tó kọ́kọ́ dá ò sì lè tú àṣírí àṣìṣe yẹn.

Mo bi í pé, "Kí lò ń ṣe gan-an?" Ó ní, "Mò ń wá 20%." Mo ní, "20% ti kí ni?" Ó dákẹ́. Mo ní kó yọ 20% kúrò nínú 14,400 tirẹ̀. Ó yọ 2,880, ó ku 11,520. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé iye àtijọ́ ni wọ́n yọ 20% lára rẹ̀, pé 12,000 jẹ́ 80%. Ó pín in sí mẹ́rin, ó rí 3,000 fún 20%, ó sì kọ ₦15,000.

Àṣìṣe tèmi nìyí, ẹ má ṣe irú rẹ̀: ìgbà tí ọmọ bá ṣì í nìkan ni mo ń béèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ti mú rọ́bà ìpàrẹ́. Ojú mi ni wọ́n ń wò, wọn ò wo iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó gbà á pẹ̀lú ni wọ́n tó máa ń ronú kí wọ́n tó fèsì. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá ti mọ́ wọn lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn ní méjì-méjì, kí ẹ sì fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí 20% túmọ̀ sí, ìbéèrè mẹ́ta yìí ò lè gbà á. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn ná.