Ìdúró tí kì í rántí àná: jiọmẹ́tíríìkì àti ẹsipọnẹ́ńṣíà

Ìbéèrè: A ń ta lúdò l'Adó-Èkìtì, mo ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò rí ẹẹ́fà. Ṣé kò yẹ kó ti sún mọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, kò sún mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ ká pe iye ìgbà tẹ́ ẹ máa jù ú kí ẹẹ́fà tó jáde ní X. Kí X tó ju n lọ, n àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kùnà pátá, torí náà ìṣeéṣe rẹ̀ ni P(X>n) = (5/6)^n. Ẹ ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí ẹ tún kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i ńkọ́?

P(X>13 | X>10) = (5/6)^13 ÷ (5/6)^10 = (5/6)^3 = 125/216

Ó tó ìdá 58 nínú 100, bákan náà gẹ́lẹ́ ló rí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dáìsì. Mẹ́wàá tó ti kọjá pa ara wọn rẹ́ nínú pípín yẹn.

Iye ìgbà là ń kà níbí, jiọmẹ́tíríìkì nìyẹn. Tó bá jẹ́ àkókò ìdúró, T, là ń kà, ẹsipọnẹ́ńṣíà ni, λ sì ni ìwọ̀n bí nǹkan náà ṣe ń yá ṣẹlẹ̀ sí, tí kì í yí padà: P(T>t) = e^(-λt). Tẹ́ ẹ bá ti dúró fún àkókò s, ẹ fi e^(-λs) pín e^(-λ(s+t)), e^(-λt) ló kù. s ti lọ.

Ẹ má fi èyí wo ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ tó ń dúró kó kún ní gáréèjì o. Èrò tó ti wọlé ṣì jókòó síbẹ̀, torí náà bẹ́ ẹ bá ti dúró pẹ́, ó sábà máa ń tètè gbéra. Táyà ńkọ́? Bó ṣe ń gbó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, λ kan ṣoṣo kò lè gbé e.