Ẹ wá gábàsì kí ẹ tó wo ògiri

"A ra ilé kan ní Ṣàgámù, a fẹ́ sọ ọ́ di mọ́sálásí. Ṣé kí a ṣáà tẹ́ ẹní kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, kó bá ògiri mu?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ṣe é ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Oṣù kẹta ni a wọn ilẹ̀. A jí, a wo ibi tí oòrùn yọ, a fa okùn síbẹ̀, bírìkìlà sì gbé ìpìlẹ̀ lé e. Nínú oṣù yẹn, ìlà oòrùn gan-an ni oòrùn ti ń yọ. Ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, gábàsì, ìyẹn ìhà Mẹ́kà tí a ń kọjú sí kírun, kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà oòrùn gan-an, ẹ ṣì ní láti yí sápá òsì ní nǹkan bíi dígírì 27. Oòrùn fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lóṣù kẹfà, ó máa ń yọ nítòsí gábàsì. Lóṣù kejìlá, nígbà ọyẹ́, ó ti fi nǹkan bíi dígírì 50 jìnnà sí i.

Nígbà tí a mọ̀, àfáà wa ní àwọn ìrun tí a ti kí kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n a ò lè mọ̀ tán ká má tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ògiri iwájú wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Sáàfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun, tó bá kan ògiri náà lápá ọ̀tún yóò ti fi ẹsẹ̀ bàtà 12 jìnnà sí i tó bá fi dé apá òsì. Igun òsì yẹn ni lèmọ́mù ń dúró sí báyìí. Mìráàbù, ibi tí a kọ́ fún lèmọ́mù lára ògiri iwájú, tí a náwó lé ṣófo, òpó méjì sì gé sáàfù sí wẹ́wẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà a máa fẹ́ kí pẹpẹ wà níhà ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ò bá gbà, wọn a gbé e síbòmíràn, ìsìn ò ní dúró. Ní ilédì Òṣùgbó, bí èèyàn ṣe lè wọlé jìnnà tó ni wọ́n ń ṣọ́: àlejò kì í dé yàrá inú. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀; gbogbo sáàfù ló gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi kan ṣoṣo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ní ọjọ́ 27 tàbí 28 oṣù karùn-ún, ní agogo 10:18 òwúrọ̀, oòrùn máa ń wà gangan lórí Mẹ́kà. Ó tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 15 tàbí 16 oṣù keje, ní agogo 10:27. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ fi kọ́ síta gbangba, kí ẹ fi ẹfun tọ òjìji okùn náà. Láti orí òjìji padà sídìí okùn ni gábàsì wà. Bí òjò bá ṣú, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì ní àkókò kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ má gbára lé kọ́ńpáàsì inú fóònù nínú ilé, irin inú òpó máa ń fà á. Bí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀ tí ọfà rẹ̀ yí, ẹ mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pinnu ògiri tí ẹ máa wó àti ibi tí lèmọ́mù máa dúró sí. Kápẹ́ẹ̀tì onílà sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Tiwa, a ti rà á ṣáájú, a sì ní láti gé e tiiri ká tó lè tẹ́ ẹ.